Ṣúgà tó já wálẹ̀: ohun tí à ń fún aláìsàn, àti ìdí tí a fi ń tún un wọ̀n

Bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ará ilé máa ń há sórí ni pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà mọ́. Wọn á gbé ike ṣúgà kúrò nílẹ̀, wọn á sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ kékeré. Lọ́jọ́ púpọ̀, wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan máa ń wà tó jẹ́ pé ṣúgà yẹn gan-an ni oògùn, tí ẹni tó bá fi du aláìsàn ń ṣe é níkà láìmọ̀. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá já wálẹ̀.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, kò sì ní ibi tó lè kó o pamọ́ sí tó nǹkan. Bó bá ti ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Fún ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ti fi ohun tó dín ní 70 mg/dL hàn, ó ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì yẹ ká dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá dín ní 54, ó ti di ọ̀rọ̀ ńlá. (Àwọn ẹ̀rọ kan, pàápàá èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ń ka mmol/L. Bí ẹ bá rí 3.2 lójú ẹ̀rọ, ẹ má rò pé ó bàjẹ́. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún yín ní nǹkan bí 58. Ààlà 70 tiwa, 3.9 ni lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.)

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń fà á. Mẹtifọ́mìn nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni abẹ́rẹ́ ínsúlínì àti àwọn oníhóró tó ń lé ara láti tú ínsúlínì jáde, bíi glibẹnkilamáìdì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Dáónìl, àti gilimẹpiráìdì. Àwọn wọ̀nyí kì í béèrè bóyá èèyàn ti jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá gbé wọn mì tí oúnjẹ kò sì tẹ̀lé e, ṣúgà tó wà nílẹ̀ ni wọn á máa fà wálẹ̀.

Ká wá mú un wá sí Ìtòkú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta. Ká ní ìyá aládìrẹ kan wà níbẹ̀, ẹni ọdún 67, tó máa ń lo hóró glibẹnkilamáìdì kan ní òwúrọ̀. Lónìí ó lò ó ní agogo méje nílé, ó ní òun á jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó débẹ̀, oníbàárà ti Èkó dé, wọ́n ń tú aṣọ, wọ́n ń ná an. Nígbà tó máa fi di agogo mọ́kànlá, omi nìkan ló wà nínú màmá.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni òógùn. Gbogbo èèyàn ló ń làágùn ní Ìtòkú lásìkò yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń ká aṣọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ebi òjijì sì ń pa á. Ìkìlọ̀ ara nìyẹn. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, ìpele kejì á wọlé, ọpọlọ ló sì máa ń hàn lára rẹ̀: ojú á máa ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Ìyá tó ti ń ta adìrẹ láti ogójì ọdún á ka ṣéńjì nígbà mẹ́ta kò ní pé, á wá jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ láìnídìí. Níbí ni wọ́n ti máa ń ṣì í mú. Wọ́n á ní oòrùn ni, tàbí ibà, tàbí pé màmá bínú jáde nílé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, wọ́n á ní ó ti mu ọtí.

Bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí, ẹ má dúró wá a. Ẹ ṣe bí ẹni pé ṣúgà ló já, nítorí pé bí a bá ṣèèṣì fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ní ṣíbí mẹ́rin, kò ní fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ já tí a kò fún ní nǹkan kan lè dákú kí ẹ̀rọ tó dé.

Ohun tí a ń wá ni ṣúgà gíráàmù 15 tó lè tètè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì, tí a bá fi ṣúgà kún un láìṣe gegele, gba nǹkan bíi gíráàmù 4. Nítorí náà ṣíbí mẹ́rin ni, kí a pò ó sínú omi bí ìdajì kọ́ọ̀pù, kí màmá jókòó kó sì mu ún tán. Ṣíbí ńlá kan oyin tó ó. Mínírà náà dára, bí kì í bá ṣe irú èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà. Bí ẹ bá rí i lára ìgò pé 100ml rẹ̀ ní ṣúgà gíráàmù 10, ìdá kan nínú mẹ́ta ike 50cl á tó, kì í ṣe gbogbo ike. Àwọn kan máa ń fi ìbẹ̀rù fún aláìsàn ní odindi méjì. Yóò jí lóòótọ́, àmọ́ kó tó dìrọ̀lẹ́ ẹ̀rọ á máa ka 300.

Oúnjẹ ńkọ́? Làfún kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀fadà kò lè ṣe é, búrẹ́dì náà kò yá tó. Inú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ̀ wọ́n kó tó fa ṣúgà yọ nínú wọn, epo àti ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ sì tún ń dá wọn dúró. Ṣokoléètì náà ń tanni jẹ: ó dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ tètè kọjá. Oúnjẹ ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Ká ní ẹ̀rọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ka 52. Ọmọ iṣẹ́ po ṣúgà, ó ní, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ mu ún tán.” Ó wo aago: 11:10. Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú 15 ni kí wọ́n dúró. Ìdúró yìí ló máa ń ni èèyàn lára jù, torí pé ara aláìsàn ṣì ń gbọ̀n, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó mu ní láti kúrò nínú ikùn dé ìfun kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Bí a bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, a máa rò pé kò ṣiṣẹ́, a ó sì rọ òmíràn lé e lórí.

Ní 11:25, kí wọ́n fọ ọwọ́ màmá kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Kì í ṣe nítorí aró nìkan. Bí ṣúgà tó bọ̀ wá lára ṣíbí tàbí oyin bá wà lórí ìka, ẹ̀rọ á wọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀jẹ̀, á sì ka ohun tó ga ju òótọ́ lọ. Wọ́n á ní ara ti yá nígbà tí kò tíì yá. Wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ka 63. Ó ti gòkè, àmọ́ kò tíì dé 70, nítorí náà ṣíbí mẹ́rin mìíràn, ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Ní 11:40, ó ka 88. Ọwọ́ ti dẹ́kun gbígbọ̀n, ojú ti mọ́lẹ̀.

Ìgbà yìí ni oúnjẹ tó kàn. Ṣúgà tó yára gòkè máa ń yára sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ gidi ló ń dì í mú: làfún díẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹlẹ́ja, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí pé màmá ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti padà sídìí aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oògùn tó fà á. Iṣẹ́ glibẹnkilamáìdì lè gbà tó ọjọ́ kan lára, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ń gba inú kíndìnrín jáde. Bí kíndìnrín àgbàlagbà bá ti ń rẹ̀, oògùn náà á pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá wọn màmá yìí ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀rọ lè ka 66, láìṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Kí wọ́n tún fún un ní ṣúgà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ Ìjàyè tàbí Ìdí-Àbà, torí pé ẹni tí oògùn oníhóró yìí bá já ṣúgà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nílò kí wọ́n ṣọ́ ọ mọ́jú. Kó má sì gbé hóró mìíràn mì títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó fi lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bí aláìsàn bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú bíi atẹnólọ́lù, àyà rẹ̀ lè má lù, ọwọ́ rẹ̀ lè má gbọ̀n. Òógùn ló sábà máa ń ṣẹ́ kù, òun sì ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń já léraléra náà, ara rẹ̀ kì í kìlọ̀ fún un mọ́. Ó lè ti ibi tí ara rẹ̀ ti dá bọ́ sínú ìdákú tààrà. Bó bá jẹ́ lóru ni, ẹ ó bá aṣọ ìbora ní rírin fún òógùn, orí á máa fọ́ ọ láàárọ̀, wọ́n á ní àlá burúkú ló lá.

Bí ó bá ti dákú, tàbí tí gìrì mú un, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ṣúgà olómi tó bá gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè pa á kí àìtó ṣúgà tó pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, kí ẹ sì pe ọkọ̀. Dẹ́sítírọ́òsì ni wọn á fi sínú iṣan rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹ mú káàdì oògùn rẹ̀ àti páálí hóró tó lò dání, kí ẹ sì kọ aago tó lò ó àti iye tí ẹ̀rọ kà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan sí ìwé, nítorí ohun tí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn.