Ẹran Ojúgun àti Ẹran Ẹ̀yìn: Ohun Tó Ń Mú Ẹran Yi àti Ohun Tó Ń Mú Un Rọ̀

Bí alápatà bá gé ẹran méjì lára màlúù kan ṣoṣo, ọ̀kan láti ojúgun, èkejì láti abẹ́ egungun ẹ̀yìn níbi ìbàdí, koríko kan náà ni ẹran méjèèjì fi dàgbà, ọjọ́ orí wọn sì dọ́gba. Síbẹ̀, ti ẹ̀yìn yóò rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ẹ̀yinná, nígbà tí ti ojúgun yóò ṣì máa bá eyín jà lẹ́yìn wákàtí kan nínú omi híhó. Ìyàtọ̀ yìí wá láti inú bí ẹran kọ̀ọ̀kan ṣe wà ní ìdìpọ̀, àti irú iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí màlúù náà wà láàyè.

Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹran tí à ń jẹ. Fọ́nrán kan kì í sábà nípọn ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Nínú ẹran tútù tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ni omi, nǹkan bí 20 sì jẹ́ purotéènì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Awọ mìíràn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó ọ̀pọ̀ fọ́nrán jọ sí ìdì, bí okùn ṣe ń di ọṣùṣù ọwọ̀, èyí tó sì nípọn jù lọ bo gbogbo ẹran náà láti òde, títí tó fi di iṣan funfun tó so ẹran mọ́ egungun. A ó máa pe gbogbo wọn ní awọ ìdìpọ̀ nínú àlàyé yìí. Kọ́lájìn ni èròjà tó pọ̀ jù nínú wọn, òun náà ló sì kún inú pọ̀nmọ́ àti bọ̀kọ́tọ̀.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni eyín ń bá pàdé nínú ẹran: fọ́nrán fúnra rẹ̀, àti awọ tó dì í. Ẹran lè yi nítorí ọ̀kan tàbí èkejì, ìtọ́jú tí ó sì yẹ ọ̀kan kò yẹ èkejì rárá.

Ojúgun kò sinmi. Òun ni ó ń ti ara màlúù síwájú ní gbogbo ìgbà tó bá ń rìn, màlúù tí àwọn Fúlàní sì ń dà kiri wá koríko ń rìn púpọ̀. Ẹran tó ń fa ẹrù bẹ́ẹ̀ nílò ìdè tó lágbára, ìdí nìyẹn tí awọ ìdìpọ̀ inú ojúgun fi pọ̀, tó sì nípọn dé ibi tí ojú lásán fi lè rí i gẹ́gẹ́ bí ìlà funfun láàárín ẹran pupa. Ẹran tó wà lábẹ́ egungun ẹ̀yìn, tí àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń pè ní fílẹ́ẹ̀tì, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, awọ ìdìpọ̀ inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ gan-an. Ọrùn, èjìká àti àyà sún mọ́ ojúgun nínú ìwà, nígbà tí ẹran ẹ̀yìn lókè sún mọ́ fílẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ orí tún wọ̀ ọ́. Bí ẹranko bá ṣe ń dàgbà, okùn kọ́lájìn ń so mọ́ra wọn ní ọ̀nà tí ooru kò fi tètè tú u. Kì í ṣe pé kọ́lájìn inú ẹran arúgbó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ dandan. Ìsopọ̀ inú rẹ̀ ló ti gbó. Èyí ló fà á tí adìẹ àgíríìkì tí wọ́n pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ fi ń fọ́ sínú ọbẹ̀, tí àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin fún ọdún kan àbọ̀ yóò sì gba ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí adìẹ àgíríìkì yẹn lò lórí iná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iná ti wá ta kókó ni pé ooru kì í ṣe ohun kan náà sí fọ́nrán àti sí awọ ìdìpọ̀. Láti nǹkan bí 50°C ni purotéènì inú fọ́nrán ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kó ara jọ. Nígbà tí ooru inú ẹran bá fi wà láàárín 65°C sí 75°C, fọ́nrán ti sún kì, ó ti le, ó sì ti fún omi inú rẹ̀ jáde. Ẹran tó jinná dáadáa lè pàdánù nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lọ́nà yìí, èyí ló sì fà á tí ẹran tó kún ìkòkò fi ń dín kù lójú ẹni tó ń sè é. Ní ti fọ́nrán, ooru tó pọ̀ jù kò ṣe é ní oore kankan.

Ti kọ́lájìn yàtọ̀. Ní nǹkan bí 60°C sí 65°C, òun náà ń sún kì, ó sì ń fún àwọn fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ mọ́ra, tí ẹran fi ń yi ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá 70°C, tí omi sì wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tú díẹ̀díẹ̀, á di jẹ́látíìnì, ohun rírọ̀ tó ń yọ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ àkókò ni èyí. Ní 70°C, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú omi tó ń hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní 90°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà fún ojúgun.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé kílò kan ẹran ojúgun tí a gé ní ègé ńláńlá sínú ìkòkò. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, omi ẹran jáde, hóhò dúdú gòkè, ègé kọ̀ọ̀kan sì fún pọ̀. Bí a bá tọ́ ọ wò nígbà náà, ó yi ju ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìkòkò lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ pé ẹran náà kò dára, tí wọ́n á sì koná mọ́ ọn. Koná mọ́ ọn kò ràn án lọ́wọ́, nítorí omi inú ìkòkò tí a kò dé pinpin kò lè gbóná ju 100°C lọ bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Omi ló kàn máa tètè gbẹ, ẹran á sì máa lu ara wọn títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi ya. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, ìlà funfun inú ẹran bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ gaara. Ní wákàtí méjì ààbọ̀, fọ́ọ̀kì á wọ inú rẹ̀ láìjà. Fọ́nrán inú rẹ̀ kò rọ̀, ó ti le, ó sì ti gbẹ, ṣùgbọ́n ohun tó dì wọ́n pọ̀ ti yọ́, nítorí náà wọ́n ń yọ lára ara wọn, jẹ́látíìnì sì ń rin wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú pé kọ́lájìn ti tú, kí ó gbé omi ẹran náà sínú firíìjì mọ́jú: á dì, á sì máa gbọ̀n bí a bá mi abọ́ rẹ̀.

Bí a bá fi fílẹ́ẹ̀tì sínú ìkòkò kan náà fún wákàtí méjì ààbọ̀, fọ́nrán rẹ̀ á le bí ti ojúgun, ṣùgbọ́n kò ní kọ́lájìn tó lè di jẹ́látíìnì láti rin ín. Yóò gbẹ bí pákó. Iná kíákíá ló yẹ ẹ́, kí a sì gbé e kúrò lórí iná kó tó jinná jù.

Ọ̀rá inú ẹran ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé agbára fún jù bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rá tí à ń sọ níbí ni èyí tó fọ́n káàkiri láàárín ìdì fọ́nrán bí òwú funfun, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ awọ. Ó ń yọ́ bí a bá ń sè, ó ń mú kí ẹran yọ̀ lẹ́nu, ó sì ń mú kí ó dà bí ẹni pé omi rẹ̀ pọ̀. Níbi tó bá pọ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bí ti màlúù Wagyú ní Japáànù, ó tún ń tú awọ ìdìpọ̀ ká nígbà tó ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kò lè yí ojúgun padà di fílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rá yìí ni màlúù máa ń kó kẹ́yìn, lẹ́yìn tó bá ti jẹun àjẹyó fún oṣù púpọ̀, màlúù oníké tó ń rìn kiri kì í sì ní àyè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọ̀rá funfun nínú ẹran ọjà wa, wíwá rẹ̀ kò ní so èso púpọ̀. Kí ó wo ibi tí wọ́n ti gé e lára màlúù ni ó sàn jù.

Ohun kan tún wà tó ń mú ẹran yi kó tó dé orí iná rárá. Lẹ́yìn tí a bá pa ẹranko, ẹran rẹ̀ máa ń le gan-gan láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó tó tún rọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ bá ń gé fọ́nrán díẹ̀díẹ̀. Bí otútù bá mú ẹran kó tó le tán, fọ́nrán á sún kì, kò sì ní nà padà mọ́. Ní ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ ní Niu Sílándì tẹ àlàyé ohun yìí jáde. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nílé wa ni àgbò Iléyá: a pa á láàárọ̀, a gé e wẹ́wẹ́, a sì kó o sínú fírísà kí ooru ara rẹ̀ tó tán. Nígbà tí ẹran bẹ́ẹ̀ bá yọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń kó jọ, omi á tú jáde lára rẹ̀, yóò sì yi kọjá ohun tí ọjọ́ orí àgbò náà lè fà. Bí àyè bá wà, kí itan ṣì wà lára egungun, kí ó lo ọjọ́ kan nínú firíìjì ná, kí a tó gé e fún fírísà. Egungun kì í jẹ́ kí ẹran lè sún kì dáadáa.

Ìkòkò oníprẹ́ṣà ń kúrú àkókò nítorí pé ó ń gbé ooru omi dé nǹkan bí 120°C, tí kọ́lájìn fi ń tú ní ìdá mẹ́ta àkókò tàbí kí ó tún dín sí i. Ewé ìbẹ́pẹ tàbí ìbẹ́pẹ dúdú ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn: oje rẹ̀ ń gé purotéènì, ṣùgbọ́n ojú ẹran nìkan ló ń dé, bí ó bá sì pẹ́ jù, ojú náà á di ìpẹ̀tẹ̀ nígbà tí inú ṣì yi. Ní ti parasitamọ́ọ̀lù tí àwọn kan ń fi se ẹran, oògùn ni, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó ń sun súyà mọ ọ̀nà tó rọrùn jù: ọ̀bẹ. Wọ́n ń gé ẹran ní pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé àwọn fọ́nrán ti kúrú kí eyín tó kan wọ́n. Ẹni tó bá ń gé ẹran tó ti jinná pẹ̀lú, kí ó gé e dábùú fọ́nrán, kí ó má tẹ̀ lé gígùn rẹ̀.

Awọ ìdìpọ̀ kan kù tí iná kò lè ṣe nǹkan kan fún. Okùn aláwọ̀ ìyeyè tó nípọn, tó gba ẹ̀yìn ọrùn màlúù kọjá, kì í ṣe kọ́lájìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, elasítíìnì ni, ooru ìkòkò kì í sì sọ elasítíìnì di jẹ́látíìnì, ì báà ṣe wákàtí mẹ́wàá. Kí a fi ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹran ọrùn tó wọ ìkòkò.