Ọ̀rá tó kéré jù tí họ́mónù nílò: ṣíbí epo mélòó ni?

Àbúrò mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oúnjẹ rẹ̀ kó lè fọn díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jẹ epo mọ́ o. Omi ni mo fi ń se ata." Ó fi fídíò ìkòkò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tàtàṣé àti ata rodo ń hó kùtùkùtù nínú omi, kò sí ẹ̀kán epo kan lójú ọbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀, torí kó tó gbé fóònù sílẹ̀ ló sọ pé nǹkan oṣù òun ti fo lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣe ló jẹ́ kí n fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: ìwọ̀n ọ̀rá tó kéré jù. Ìlà ìsàlẹ̀ ni. Téèyàn bá jẹ ọ̀rá tó rẹlẹ̀ ju ìlà náà lọ fún ìgbà pípẹ́, ara kò ní rí ohun tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé jọ fa ìlà yìí. Nínú gbogbo kálórì tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́, ó kéré tán kí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti ara ọ̀rá wá. Fún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, àti fún ẹni tó tín jù, ìdá 20 ni wọ́n sọ. Ìlà òkè náà wà: kó má ju ìdá 30 lọ.

Kí ló wá da ọ̀rá àti họ́mónù pọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún ọ pé ara kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni ara ti ń ṣe ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin, àti tẹsitósítírónì, họ́mónù ọkùnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù yẹn, epo pupa tó wá láti ara ọ̀pẹ kò sì ní in lára. Nítorí náà, kì í ṣe pé epo inú ọbẹ̀ ń di họ́mónù tààrà. Ohun tí ọ̀rá inú oúnjẹ ń ṣe ni pé àwọn irú ọ̀rá méjì kan wà tí ara kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹnu nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Fítámì A, D, E àti K pẹ̀lú kò lè wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa láìsí ọ̀rá tó máa gbé wọn. Àwọn ìwádìí kan lórí ọkùnrin sì fi hàn pé tẹsitósítírónì wọn lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ọ̀rá oúnjẹ wọn kù.

Ti nǹkan oṣù tó fo yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ ló ń wo bí gbogbo oúnjẹ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó sí iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Tó bá rí i pé kò tó, á dín àṣẹ tó ń rán sí ilé ẹyin obìnrin kù, bí ìgbà tí ìyá ilé bá rí i pé owó ọwọ́ ti tán tó sì dá ọ̀rọ̀ aṣọ dúró ná. Ṣíbí ìjẹun méjì epo tó ń jẹ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 240 kálórì. Nígbà tí àbúrò mi yọ ọ́ kúrò láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,100 kálórì, ó sì ń sáré láràárọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ oyún wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ohun tó ń dá nǹkan oṣù dúró pọ̀. Wọn kò rí oyún tàbí àìsàn kankan. Oúnjẹ ni dókítà ní kó fi kún.

A wá jókòó, a ṣírò. Kílò 70 ni ó wọ̀n, a sì fi oúnjẹ rẹ̀ sí 1,600 kálórì. Gíráàmù ọ̀rá kan jẹ́ kálórì 9. Ìdá 20 nínú 1,600 jẹ́ 320. Tí a bá fi 9 pín in, ó di nǹkan bíi gíráàmù 36. Ìyẹn ni ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà òkè sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 53.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n máa ń rò pé epo nìkan ni ọ̀rá. Ẹyin méjì tó ń jẹ láàárọ̀ ní gíráàmù 10. Ẹja títọ́ọ̀sì rẹ̀, ègé tó wọ̀n tó gíráàmù 100, ní bíi 13. Ẹ̀wà, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ lápapọ̀ mú bíi 3 wá. Gíráàmù 26 ti wà nílẹ̀ kó tó ṣí ìgò epo. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa, tàbí ti òróró ẹ̀pà, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14. Ṣíbí kan ṣoṣo ti gbé e dé 40, ó ti kọjá ìlà ìsàlẹ̀.

Ṣé ó wá lè jẹ ṣíbí méjì? Ibí ni irú epo ti ń já sí nǹkan. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Ti òróró ẹ̀pà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá tó ń dì má kọjá ìdá 10 kálórì ọjọ́ kan, ìyẹn bíi gíráàmù 18 fún un. Ẹyin àti ẹja ti mú bíi 6 nínú rẹ̀. Ṣíbí epo pupa kan mú 7 sí i, ó di 13. Ṣíbí kejì á gbé e dé 20, ó ti kọjá. Nítorí náà ohun tí a fẹnu kò sí ni ṣíbí epo pupa kan sínú ọbẹ̀ àti ààbọ̀ ṣíbí òróró ẹ̀pà fún ẹyin àárọ̀. Gíráàmù 47 ni gbogbo ọ̀rá rẹ̀ wá jẹ́. Lọ́jọ́ tó bá jẹ ẹ̀gúsí, a yọ òróró kúrò, torí nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí bíbó fúnra rẹ̀ ni ọ̀rá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara ìgò kẹ́ ẹ tó pe ohunkóhun ní òróró ẹ̀pà. Ọ̀pọ̀ òróró funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti yọ àwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó sá fún epo pupa nítorí ọ̀rá tó ń dì lè tún máa ra epo ọ̀pẹ padà, èyí tí kò tiẹ̀ ní ohun pupa tí ara fi ń ṣe fítámì A mọ́.

Ìwọ̀n ìkòkò ló kù. Ṣíbí ìjẹun ni mò ń sọ o, kì í ṣe ìpọnbẹ̀. Wọn epo tó ń wọ ìkòkò, kó o sì fi iye abọ́ tí ìkòkò náà máa ṣe pín in: ṣíbí 8 nínú ọbẹ̀ abọ́ 8 jẹ́ ṣíbí kan lábọ́. Tí wíwọ̀n bá sú ọ, rọ epo sínú ìgò ike omi tó gba mìlílítà 750, kó o sì kọ déètì sí i lára. Ṣíbí 50 ló wà nínú rẹ̀. Ilé ẹni márùn-ún tó ń jẹ ṣíbí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ á lò ó fún ọjọ́ 10. Ní ilé àbúrò mi, tí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ń gbé, ọjọ́ 25 ló yẹ kí ìgò kan lò. Ìgò àkọ́kọ́ tó fi déètì sí tán lọ́jọ́ 23. Nǹkan oṣù rẹ̀ padà dé kí ìgò kẹta tó tán.