Ìdá 50 àti Ìdá 40 Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá Kan Náà

Ká mú ìyá oníkajú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìparí ọdún 2021, ₦200,000 ni owó tó fi ń ṣòwò. Ní 2022, ọjà yá, owó náà fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ó di ₦300,000. Ní 2023, òjò pa ẹrù, ìdá 40 lọ, ó ku ₦180,000. Ní 2024, ìdá 20 gorí èyí, ó di ₦216,000.

Ìdá mélòó wá ni owó náà fi ń pọ̀ lọ́dọọdún? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ro 50 àti 20 pọ̀, wọn á yọ 40, wọn á wá pín 30 tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta: "Ìdá 10 lọ́dọọdún!" Ìṣirò yìí máa ń bíni nínú, torí ó jọ òótọ́. Ká ní ìdá 10 ni owó náà fi ń pọ̀ lọ́dọọdún ni, ₦266,200 ni ì bá wà lọ́wọ́ ìyá yìí. ₦50,200 tó fi dín ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò jí i. Kò sí níbẹ̀ rí.

Ara ₦200,000 la ti bu ìdá 50, ó jẹ́ ₦100,000. Ara ₦300,000 la ti bu ìdá 40, ó jẹ́ ₦120,000. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló gbé owó tó pọ̀ jù lọ. Àgbẹ̀ oníṣu kò ní jiyàn èyí, torí ebù tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbìn, kì í ṣe èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ebù bá jẹrà dé ìdajì, ìdá 50 kò lè dá a padà. Àádọ́ta tó kù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, ìyẹn ìdá 100 gbáko. Ọdún kan ń gun orí èkejì ni, nítorí náà ìsọdipúpọ̀ la fi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kì í ṣe ìròpọ̀.

Láti rí ìdá tòótọ́ lọ́dọọdún, fi owó ìbẹ̀rẹ̀ pín owó ìparí: 216,000 ÷ 200,000, ó jẹ́ 1.08. Lẹ́yìn náà, wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí a sì sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra, 1.08 ni yóò jáde. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Excel:

```
=(216000/200000)^(1/3)-1
```

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.026, ìyẹn ìdá 2.6 lọ́dọọdún. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, fi 1.026 sọ ₦200,000 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ₦216,009 ló jáde. Náírà mẹ́sàn-án yẹn wá torí pé a sún nọ́ńbà náà sókè díẹ̀ kó lè di 0.026.

Ibi tí ọwọ́ ti ń yẹ̀ ni 3 yẹn. Ọdún mẹ́rin ló wà lórí ìwé, láti 2021 dé 2024, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni owó náà yí padà. Ẹni tó bá fi 4 síbẹ̀ á rí ìdá 1.9.

Ìṣirò yìí ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ká ní ìyá náà kó ₦50,000 àjọ rẹ̀ sínú òwò ní 2024, tí ₦216,000 yẹn sì ní in nínú, èrè ni ìṣirò náà máa kà á sí.