Inú báńkì ni máàpù ìrìn-àjò oníbàárà ti gbé ta gbòǹgbò

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya máàpù ìrìn-àjò oníbàárà báńkì, ìyẹn àwòrán tó ń fi àwọn ìgbésẹ̀ tí oníbàárà ń gbé lọ́dọ̀ báńkì hàn tẹ̀ léra, ó rọrùn láti rò pé àwọn tó ń ṣe áàpù ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báńkì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Lynn Shostack ti wà nípò ọ̀gá ní Citibank, ó sì wà ní Bankers Trust nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Harvard Business Review tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 1984. Ó ní ó yẹ kí á lè ya iṣẹ́ tí à ń ṣe fún oníbàárà sórí ìwé bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé.

Ẹni tó ń dán bàtà létí títì ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó to ìgbésẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ léra, ó kọ iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 2. Ó tún kọ ìṣẹ́jú 5, èyí tí oníbàárà lè fara dà kó tó bínú. Ó sàmì síbi tí nǹkan ti lè bàjẹ́, bíi kí wọ́n fi pọ́líìṣì tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá bàtà mu kùn ún. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà kan: ohun tí oníbàárà ń rí wà lókè, ohun tí kò rí, bíi ríra pọ́líìṣì, wà nísàlẹ̀. Lójú tèmi, ìlà yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Òṣìṣẹ́ ni àwòrán yẹn ń tẹ̀ lé. Jan Carlzon, tó gba ìdarí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú SAS ní 1981, wà lára àwọn tó yí ojú sí oníbàárà: ó ní láàárín ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 10 èrò ló bá bí òṣìṣẹ́ 5 pàdé, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lẹ́ẹ̀kan. Máàpù òde òní wá ń tẹ̀ lé oníbàárà fúnra rẹ̀, ohun tó ṣe, ohun tó rò àti bó ṣe rí lára rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń kù káàtó ni pé ìlà Shostack máa ń pòórá. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ṣí àkáǹtì. Ó kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù, ó fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti rí i gbà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìgbọ́ nǹkan kan, ó pe báńkì, wọ́n ní kó wá sí ẹ̀ka. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ fóònù, ìpè àti ẹ̀ka sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí oníbàárà àti báńkì ti pàdé, á sì kọ "ìdádúró" sábẹ́ ìpè bí ìnira. Ṣùgbọ́n ìpè náà kọ́ ló fa ìnira. Nísàlẹ̀ ìlà, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò ti rí i pé àdírẹ́sì orí rẹ̀ kò bá ti fọ́ọ̀mù mu, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó ní ojúṣe láti sọ fún oníbàárà. Bí báńkì bá fi kún àwọn tó ń gbé ìpè, ìnira náà kò ní kúrò.

Ohun tó ń fi irú èyí hàn ni àkókò: aago wo ni fọ́ọ̀mù wọlé, aago wo ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, aago wo ni oníbàárà gbọ́ èsì? Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn tó ti ṣí àkáǹtì léèrè, kó má ṣe fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ ìnira. Irú oníbàárà kan ṣoṣo sì ni máàpù kan lè gbà. Ẹni tó ti ní àkáǹtì tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ ṣí èkejì, kì í gba ọ̀nà yìí.