Ìlọ́po àbùlà: kí ni 1:10 ń sọ gan-an?

Mo ka ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàbù kan tí wọ́n kọ ní Yorùbá, mo sì bá "okùnfà ìpòpọ̀" pàdé níbẹ̀. Mo ní láti kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé iye tí a fi ń ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn tí a bá bu omi la nǹkan ni wọ́n ń sọ. Inú bí mi gan-an. Okùnfà ni ohun tó fa nǹkan. Iye tí a kọ sínú táábìlì kò fa ohunkóhun; ó kàn ń sọ iye ìgbà tí omi inú kọ́ọ̀bù fi ju èyí tí a bù síbẹ̀ lọ ni. Ẹni tó túmọ̀ "dilution factor" bẹ́ẹ̀ mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tó rí fún "factor" nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì gbà pé iṣẹ́ parí. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: "ìfọkànsí" ni wọ́n pe bí omi ṣe ki tó. Ìfọkànsí, iṣẹ́ ọkàn ènìyàn ni. Omi kò ní ọkàn tó fẹ́ fi sí nǹkan.

Kò sì sí ìdí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Àwọn bàbá wa ti ní ògidì, wọ́n sì ti ní àbùlà. Ògidì ni èyí tí a kò tíì bu omi sí, àbùlà ni èyí tí a ti bu omi là. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan kò fẹ́ gbọ́ àbùlà rárá, ó ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn ni, pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ ló ń bu omi la ọjà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu omi la ọjà tí kò sọ, àìsọ rẹ̀ ni ẹ̀tàn, kì í ṣe omi tó bù sí i. Ní láàbù, gbogbo ohun tí a bù la ń kọ sílẹ̀. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá iṣẹ́ ọwọ́ wa mu: a ó bù, a ó sì là. Bíbù ni pípẹ́ẹ̀tì ń bù, líla sì ni iṣẹ́ omi. "Ìpòpọ̀" kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí a lè po iyanrìn pọ̀ mọ́ símẹ́ǹtì láìsí pé a ti la nǹkan kan. "Dailúṣọ̀n" táwọn ọ̀dọ́ ń pè náà kò ran ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó lọ́wọ́, kò sì sọ fún ẹni tó gbọ́ ọ bóyá mẹ́sàn-án ni kó bù sí i tàbí mẹ́wàá.

Nítorí náà, ìlọ́po àbùlà ni mo ń pè é: iye ìlọ́po tí àbùlà fi ju ògidì tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí mo bá bu máíkírólítà 100 ògidì, tí mo sì bu máíkírólítà 900 omi lé e, gbogbo rẹ̀ di 1000. Ẹgbẹ̀rún jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po àbùlà náà sì jẹ́ 10. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà nínú àbùlà, lọ́nà 10, ni kíki ògidì.

Ibi tí ìjà wà ni àmì tí gbogbo wa ń kọ sórí ìwé iṣẹ́, 1:10. Ìwé tí mo ń sọ yìí pè é ní "ọ̀kan sí mẹ́wàá". Ẹni tó bá ka ìyẹn yóò bu ọ̀kan, yóò sì bu mẹ́wàá tì í, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣe. Èmi a máa kọ ọ́ ní "ọ̀kan nínú mẹ́wàá". Nínú. Ọ̀kan náà wà nínú mẹ́wàá yẹn, kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí ọmọ kan jókòó sí, tó wọ aṣọ pupa. Ọmọ mẹ́sàn-án tó wọ aṣọ funfun wọlé wá bá a. Ọmọ aláṣọ pupa kò jáde nígbà tí wọ́n wọlé, nítorí náà ọmọ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́wàá sì ni pupa. Bí mẹ́wàá bá wọlé wá dípò mẹ́sàn-án, mọ́kànlá ni wọ́n, pupa ti di ọ̀kan nínú mọ́kànlá. Iye ọmọ aláṣọ pupa kò yí padà, àwọn aláṣọ funfun ló pọ̀ sí i.

Mo ti rí ohun tí ọmọ kan ṣoṣo yẹn lè dá sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì gba omi glúkóòsì kan náà lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo wọn gíráàmù 0.832 glúkóòsì sínú ìgò ìwọ̀n tó gba mílílítà 100, tí mo sì fi omi kún un dé ojú àmì. Mílílítà 100 ni dẹsilítà kan, nítorí náà mílígíráàmù 832 ló wà nínú dẹsilítà kọ̀ọ̀kan, a kò tilẹ̀ ní í ṣe ìṣirò kankan. Àwọn sì ní láti kọ èsì wọn ní mílímóòlù nínú lítà kan. Móòlù kan glúkóòsì jẹ́ gíráàmù 180.16. Mílígíráàmù 832 nínú dẹsilítà jẹ́ 8320 nínú lítà, a pín in sí ọ̀nà 180.16, ó fún wa ní 46.2. Iye tí mo ń retí nìyẹn. Omi náà ki ju ohun tí ẹ̀rọ wa lè kà lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti bù ú là ní 1:10.

Ẹni àkọ́kọ́ ka 4.62, ó kọ 46.2. Ẹni kejì ka 4.20, ó kọ 42.0. Gbogbo ènìyàn sọ pé ọwọ́ ẹni kejì kò balẹ̀, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, 4.20 náà ló kà. Ọwọ́ tí kò balẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo pín 42.0 sí ọ̀nà 46.2, mo rí 0.909, ìyẹn 10 tí a pín sí ọ̀nà 11. Ó ti bu 100, ó sì ti bu 1000 tì í. Ẹ̀rọ kà á dáadáa, pípẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, ìlọ́po àbùlà rẹ̀ gan-an ni 11, ṣùgbọ́n 10 ni ìwé iṣẹ́ fi ṣe ìsọdipúpọ̀. 4.20 lọ́nà 11 jẹ́ 46.2.

Bí ìlọ́po bá kéré ni àṣìṣe yìí ń tóbi. Ní ọ̀kan nínú márùn-ún, èsì yóò wálẹ̀ dé 0.833 iye tó yẹ. Ní ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìdínkù náà kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bù là léraléra kó ṣọ́ra: ẹni tó rò pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun bù là ní ìlọ́po 10, tó sì jẹ́ 11 ló ń ṣe, ti dé 1331 níbi tó ti ń retí 1000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èsì rẹ̀ ti dín kù.

Ìwé iṣẹ́ náà ló yẹ kí a tún ṣe, nítorí 10 ni wọ́n tẹ̀ mọ́ inú fọ́múlà rẹ̀. Mo yọ ọ́. B4 ni ìwọ̀n ògidì tí a bù, B5 ni ìwọ̀n omi tí a bù lé e, B7 ni ohun tí ẹ̀rọ kà:

```
=B7*(B4+B5)/B4
```

Ó di dandan kí ẹni tó ń kọ ọ́ kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ewu kan ṣẹ́ kù: kí ẹnì kan kọ máíkírólítà 100 sí B4, kó sì kọ mílílítà 0.9 sí B5. Fọ́múlà yóò ro 100 àti 0.9 pọ̀ láìjanpata, ìlọ́po àbùlà yóò di 1.009, èsì yóò sì jáde ní 4.66. Mo fi òpó kan kún un tó ń fi ìlọ́po náà hàn fúnra rẹ̀. Ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 nígbà tí a mọ̀ pé a bu omi là á, òṣùwọ̀n méjì ló pàdé nínú fọ́múlà kan.

Mo rò pé mo ti mọ ojú 0.909 dáadáa, títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kọ 42.0 lẹ́ẹ̀kan náà lórí omi tuntun. Mo bá gbogbo wọn wí nítorí mẹ́wàá àti mọ́kànlá. Wọ́n ní 900 làwọn bù. Mi ò gbà, títí tí ọ̀kan nínú wọn fi bù ú là níwájú mi ní ọ̀kan nínú márùn-ún, 200 àti 800. Bó bá jẹ́ pé ìlọ́po ló ṣì, 38.5 ló yẹ kó jáde. 42.0 náà ló jáde. Àṣìṣe tí kò yí padà nígbà tí a yí ìlọ́po padà kò sí nínú àbùlà, inú ògidì ló wà.

Mo mú ìgò glúkóòsì wálẹ̀, mo ka ara rẹ̀. Glúkóòsì tí omi so mọ́ ni, tí ẹyọ omi kan wà lára ẹyọ glúkóòsì kọ̀ọ̀kan, móòlù rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 198.17. Ìgò tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ti tán, èyí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. 180.16 tí a pín sí ọ̀nà 198.17 jẹ́ 0.909. Nínú gíráàmù 0.832 tí mo wọ̀n, gíráàmù 0.756 péré ni glúkóòsì, ìyókù jẹ́ omi. Bí mo bá fẹ́ 0.832 glúkóòsì láti inú ìgò yìí, 0.915 ló yẹ kí n wọ̀n.

Mo bẹ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da omi náà nù, mo tún òmíràn wọ̀n. Orí ìwé iṣẹ́, lókè B4, ìlà kan wà báyìí tí a kò ní tẹ́lẹ̀: iye gíráàmù móòlù kan, bó ṣe wà lára ìgò tó wà lọ́wọ́ lónìí.