Àgádágodo ẹlòmíì lára ẹ̀rọ: ìbéèrè ìdánwò tó da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà Òṣogbo láàmú

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé ìdánrawò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí Wásáàpù fún àwa tá a fẹ́ lọ ṣe àítíì. Mo mú B, ọ̀pọ̀ ará kíláàsì wa náà mú B. Wọ́n ní kò tọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló burú nínú B?

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ àítíì ni ọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìyẹ. O dé láàárọ̀, o bá àgádágodo lára súìṣì ńlá tó ń gbé iná lọ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po oúnjẹ. Káàdì pupa so mọ́ ọn, orúkọ fítà kan wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ yìí: "Má tan án." Òru ni fítà yẹn ṣiṣẹ́, ó ti lọ sílé, kò sì gbé fóònù. Mọ́tò àwọn oníbàárà ti tò sẹ́nu géètì. Ọ̀gá tó ń bójú tó yín ní, "Wọ́n ti parí iṣẹ́ níbẹ̀. Lọ mú ayùn irin wá, kí o gé e."

A ní kí o gé e, torí ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀. B ní kí o yẹ inú ẹ̀rọ wò fúnra rẹ, bí kò bá sí èèyàn níbẹ̀, kí o gé e. D ní kí o sọ fún ọ̀gá pé o ò lè gé e, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ dúró títí ẹ ó fi rí fítà náà tàbí olórí àwọn fítà. E ní kí o yọ́ lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn, kí ẹlòmíì gé e. Ẹ ní kí o kọ̀wé sí ìjọba.

D ni ìdáhùn tí wọ́n ń wá. B wu èèyàn nítorí pé ó jọ ìwà ẹni tó ń ṣọ́ra. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹni tó bá yọjú wo inú ẹ̀rọ lè mọ̀: bóyá èèyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ohun tí àgádágodo ń sọ ju ìyẹn lọ. Ó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí kò rí bó ṣe máa ń rí. Fítà lè ti tú ìdérí tó bo ṣéènì. Ó lè ti tú bóòtù lára ọ̀pá tó ń yí, kó máa dúró de bẹ́rìn tuntun tí wọ́n máa rà wá láàárọ̀. Ó lè ti so wáyà fo súìṣì tó máa ń dá ẹ̀rọ dúró bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ọmọrí rẹ̀. Kò sí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè rí látẹnu ihò. Ẹni tó tú u ló mọ ohun tó tú.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, àbí àwọn olùkọ́ kàn ń dẹ́rù bà wá?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì pa èèyàn 167. Lórí Páípà Álífà ni, ibùdó epo àti gáàsì tó wà láàárín òkun nítòsí Sìkọ́tílándì, ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1988.

Pọ́ǹpù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán yọ fáàfù ààbò ọ̀kan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àsìkò iṣẹ́ wọn parí kí wọ́n tó dá a padà, ni wọ́n bá fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò náà. Ìwé àṣẹ méjì ló wà lórí pọ́ǹpù yẹn: ọ̀kan fún àtúnṣe pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, èkejì fún fáàfù tí wọ́n ti yọ. Nígbà tí pọ́ǹpù kejì kú lálẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wá bí wọ́n ṣe máa tan èyí tó dúró. Wọ́n rí ìwé àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Wọn kò mọ̀ nípa ìwé kejì. Òkè ni fáàfù náà wà, kì í ṣe ibi tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù máa rí. Wọ́n tan án, gáàsì jò lójú irin tí wọ́n fi bo ihò yẹn, iná sì sọ. Bí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò ó nìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí aláìbìkítà nínú wọn. Àwọn náà yẹ ohun tí wọ́n lè rí wò kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Ohun tí B ń sọ gan-an ni wọ́n ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí wáyà iná ńlá fi ń gba ìwé àṣẹ kó tó fọwọ́ kàn án, tí wọn kì í sì í dá iná padà àfi bí ẹni tó gba ìwé bá dá ìwé náà padà. Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba gbogbo Nàìjíríà wà, nítorí náà ìlànà yìí kò jìnnà sí wa rárá.

Kí ló dé tí Ẹ kò fi gba máàkì púpọ̀? Ṣebí ó yẹ kí ìjọba gbọ́.

Lẹ́tà máa gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó débi tó ń lọ. Ayùn irin máa gé àgádágodo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ṣètò ìbéèrè ń wo bóyá o mọ ẹni tó sún mọ́ ewu jù tó lè dá a dúró, ìyẹn olórí àwọn fítà, ẹni tó ń rí sí ààbò, tàbí máníjà. Bí gbogbo wọn bá kọ etí dídi sí i, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìgbà yẹn ni Ẹ di ìdáhùn tó lágbára.

A àti E, èwo ló burú jù?

A ni wọ́n sábà máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ọwọ́ rẹ ló máa dá ewu náà sílẹ̀. E tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí: o mọ̀, o sì dákẹ́.

Ṣé kí n kàn há a sórí pé D ni?

Rárá. Bí wọ́n bá yí ìtàn náà padà, tí ẹ̀rọ ti ń yí, tó sì ti gbá aṣọ ẹnìkan mú, ẹni tó bá ń wá ọ̀gá kiri ló máa gba òdo. Bọ́tìnì ìdádúró ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀.

Bí ẹni tó ni àgádágodo bá rin ìrìn àjò ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ á wà bẹ́ẹ̀ títí ni?

Ó ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọ àítíì. Olórí tí ilé iṣẹ́ fún láṣẹ ló máa yọ ọ́. Ó máa kọ́kọ́ rí i dájú pé fítà náà kò sí nínú ọgbà: ó lè wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó lè sùn sẹ́yìn ẹ̀rọ. Á gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀. Fítà mìíràn tó mọ ẹ̀rọ yẹn máa tú u wò, á dá gbogbo ìdérí padà, á kó irinṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gé e, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún fítà yẹn kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ pé àgádágodo rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́kàn tiẹ̀, ó ti ti ẹ̀rọ pa. Ó lè wọlé, kó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ, kó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí iná ti wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún bi wá bí èèyàn ṣe ń ti ẹ̀rọ pa. Mo ní kí wọ́n pa iná Nẹ́pà. Wọ́n ní kò tó.

Kò tó lóòótọ́, pàápàá lọ́dọ̀ tiwa. Bí o bá já iná Nẹ́pà lójú mítà, jẹnẹrétọ̀ tó ń tan ara rẹ̀ máa rò pé iná lọ ni, á sì gbé iná wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Súìṣì tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí Nẹ́pà àti jẹnẹrétọ̀ ti pàdé, ni kí o ti àgádágodo mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí kálukú fi tirẹ̀ sí i, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, dán an wò. Fi tẹ́sítà kan ibi tí o mọ̀ pé iná wà, kó tàn. Fi kan wáyà ẹ̀rọ náà, kó má tàn. Tún fi kan ibi tí iná wà, kó tún tàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ló ń fi hàn pé tẹ́sítà kò kú sí ọ lọ́wọ́ láàárín kan. Tẹ bọ́tìnì ìtan-ẹ̀rọ pẹ̀lú, kí o rí i pé kò dáhùn, kí o sì dá a padà sí pípa.

Bí ibi tí o wà kò bá ní àgádágodo, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná lè yọ fíúsì, kó sì fi í sápò. Bí ẹ̀rọ bá ní pọ́lọ́ọ̀gì, yọ ọ́, kí o sì gbé orí rẹ̀ síbi tí ojú rẹ ti lè máa tó o. Bí kò bá sí ọ̀nà kankan láti gé iná rẹ̀, má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá mi kì í fẹ́ kí ọmọdé dá òun lóhùn. Báwo ni mo ṣe máa sọ D jáde lẹ́nu?

Má sọ pé ó ṣe àṣìṣe, má sì bá a jiyàn lójú àwọn oníbàárà. Sọ ohun tí ìwọ kò mọ̀, kí o sì fi ohun tí o lè ṣe tẹ̀ lé e. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹ má bínú sà. Mi ò mọ ohun tí bọ̀dá fítà tú nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pe ọ̀gá àwọn fítà wá." Gbogbo ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ayùn kò sì kúrò nínú àpótí. Bí ó bá ní kí o máa lọ, lọ pe ọ̀gá àwọn fítà lóòótọ́. Bí o bá lọ jókòó síbòmíràn, E lo ṣe yẹn.

Tó bá wá kọ̀ láti buwọ́ lu ìwé àítíì mi?

Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní tàn ọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kọ ọ́ sínú ìwé àítíì rẹ láìbú ẹnikẹ́ni: aago tí ọ̀rọ̀ náà wáyé, ẹ̀rọ wo ni, ohun tí wọ́n ní kí o ṣe, ohun tí o ṣe, àti ẹni tí o pè. Kí o sì pe olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yàn láti máa bẹ̀ ọ́ wò kí oṣù tó parí, má dúró dìgbà tó máa wá. Ètò àítíì ti wà láti 1973, ọ́fíìsì tó ń rí sí i sì wà nílé ẹ̀kọ́ rẹ. Wọ́n lè gbé ọ lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Àsìkò tó ṣẹ́kù ló ń jẹ́ kí ìyẹn rọrùn, nítorí náà má fi pamọ́ di ìparí.

Bí ẹlòmíì bá ti gé e kí n tó dé, tí ẹ̀rọ ti ń yí?

Má sún mọ́ ọn, má sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sún mọ́ ọn. Sọ fún olórí àwọn fítà lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gé àgádágodo, òun ló lè ní kí wọ́n pa á. Bí ariwo rẹ̀ bá yí padà, tó ń gbọ̀n, tàbí tí o rí ṣéènì tí kò ní ìdérí, tẹ bọ́tìnì ìdádúró láìdúró de àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, máa pe fítà yẹn títí á fi gbé fóònù, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú, kó má baà padà wá sídìí ẹ̀rọ lálẹ́ láìmọ̀ pé iná ti wà níbẹ̀.