Bí ẹ bá ń sọ fótò di àwòrán, ẹ má jẹ́ kó sọ ẹni tó sanra di tẹ́ẹ́rẹ́

Ìyá kan fún mi ní fótò wọn pé kí n sọ ọ́ di àwòrán ọ̀dà olómi. Wọ́n jókòó sórí àga nínú fótò náà, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé orúnkún, èjìká wọn fẹ̀, apá wọn sì ki. Mo gbé e sínú Stable Diffusion, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán, mo fi `Denoising strength` sí 0.75. Ọ̀dà náà dára lójú, àmọ́ ọrùn ti gùn, apá ti gbẹ, ìdí ti fún. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta nìyí?”

Nọ́ńbà tí mo fi síbẹ̀ yẹn ni ohun tó fa wàhálà. Òun ló ń sọ bí a ṣe máa pa fótò rẹ́ tó kí kọ̀ǹpútà tó tún un yà. Tó bá wà ní 0.3, ara á dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n fótò náà ni ẹ ṣì máa rí, bí ẹni da omi aró díẹ̀ sí i. Tó bá dé 0.75, ohun tó pọ̀ ti pa rẹ́, irú ara tí kọ̀ǹpútà ti rí jù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ló sì máa fi dí àlàfo. A ní láti gba ọ̀nà mìíràn fi ìrísí ara hàn án. Iṣẹ́ ControlNet nìyẹn, tí Lvmin Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023: ó ń fún kọ̀ǹpútà ní àwòrán kejì tí á máa wò bó ṣe ń yà.

Nínú ohun tó ń ṣe irú àwòrán kejì bẹ́ẹ̀ fún ControlNet, OpenPose ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ń fi àmì 18 sí ara, láti imú, ojú àti etí dé ọrùn, ìgúnpá, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń fi ìlà so wọ́n pọ̀ bí egungun. Ìjókòó ìyá bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ padà sórí orúnkún. Àmọ́ wọn ò tíì sanra padà. Egungun ò ní ẹran: ìlà tó ti èjìká dé ìgúnpá ò sọ bóyá apá ki tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́.

Canny ló mọ ìyẹn, ọgbọ́n tí John Canny gbé kalẹ̀ ní 1986. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti pàdé lójijì ló ń fa ìlà sí, ìlà funfun lórí dúdú. Kò mọ ara yàtọ̀ sí aṣọ. Aṣọ ìyá ní àwọ̀ wínníwínní, ni àwòrán ìlà náà bá dà bí àwọ̀n apẹja. Apá òsì wọn sì jọ àwọ̀ àga, nítorí náà kò fa ìlà kankan síbẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú èyí fún kọ̀ǹpútà, á máa yà ìṣẹ́po aṣọ bíi ti fótò, ọ̀dà olómi ò ní ráyè hàn, apá tí kò ní ìlà á sì tún gbẹ.

Ọwọ́ ni mo fi tún un ṣe. Mo tọ́jú àwòrán ìlà náà, mo ṣí i nínú ètò ìyàwòrán, mo fi dúdú pa gbogbo ìlà inú aṣọ àti ti àga rẹ́, mo wá fi ìlà funfun tínínrín tọ ẹ̀gbẹ́ apá òsì. Ẹ̀gbẹ́ ara nìkan ló kù. Nígbà tí mo dá a padà, mo fi `Preprocessor`, ibi tó ń sọ fótò di àwòrán ìlà, sí `none`, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Canny á tún fa ìlà méjìméjì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí mo ti fà.

Mo wá so àwọn méjèèjì pọ̀. `Control Weight` ló ń sọ bí kọ̀ǹpútà á ṣe tẹ̀ lé àwòrán kejì tó; OpenPose wà ní 1 dé òpin. Canny wà ní 0.7, mo sì fi `Ending Control Step` rẹ̀ sí 0.6, kó lè dáwọ́ dúró kí iṣẹ́ tó parí, torí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ìrísí ara máa ń fìdí múlẹ̀. Ìparí ni bátánì ọ̀dà ń jáde, mi ò sì fẹ́ kí ìlà dí i lọ́wọ́. Pẹ̀lú èyí, mo lè gbé `Denoising strength` lọ sí 0.8 láìfòyà.

Ojú ń tanni, nítorí náà mo máa ń wọn ọ́n. Nínú fótò, fífẹ̀ èjìká ìyá tó orí mẹ́ta. Nínú èyí tí wọ́n kọ̀, kò ju orí méjì lọ. Nínú tuntun yìí, ó padà di mẹ́ta. Ẹ tún ṣọ́ ìwọ̀n fótò: bí gígùn àti fífẹ̀ tí ẹ yàn ò bá bá ti fótò dọ́gba, tí ẹ sì fi í sí `Just resize`, ó lè fa ìlà náà gùn, kí ara sì tún tẹ́ẹ́rẹ́. `Crop and resize` ni èmi máa ń yàn.

Ọgbọ́n yìí ò wúlò fún àwòrán ẹ̀fẹ̀ olórí ńlá. Ìlà Canny á máa fa orí padà sí bó ṣe wà, kọ̀ǹpútà á máa fẹ̀ ẹ́, àbùkù ló sì máa jáde. OpenPose nìkan ni mo máa ń lò níbẹ̀, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ wá tẹ́lẹ̀ pé sísanra ara lè yí padà.

Nígbà tí ìyá rí tuntun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn nìyí lóòótọ́, àga yẹn ni kì í ṣe tàwọn.